Kí ló dé tí féèsì tí kakulétọ̀ fún mi fi gbé òkúta sí òdìkejì?

Ọmọ Ìyàrà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ni ó ń dà mí láàmú. Òkúta ìdajì kílò ni a so kọ́ sórí sípíríǹgì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 50 N/m. Nígbà tí aago bẹ̀rẹ̀, òkúta náà wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 nísàlẹ̀ ibi tí ó máa ń sinmi sí, ó sì ń lọ sókè ní ìyára sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí x = A cos(ωt + φ), kí òkè jẹ́ ìhà àròpọ̀. Mo rí ω = 10, mo rí A = 5, mo fi tánjẹ́ǹtì wá féèsì, kakulétọ̀ sì fún mi ní φ = 0.927. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi t = 0 sí i, ó ń sọ fún mi pé òkúta wà ní sẹ̀ǹtímítà 3 lókè. Níbo ni mo ti ṣìnà?

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbbà

Àbúrò, tánjẹ́ǹtì ni ó tàn ọ́ jẹ. Má lò ó mọ́ rárá. O ti mọ A, o sì ti mọ ibi tí òkúta wà, nítorí náà cos φ = −3/5, ìyẹn −0.6. Tẹ cos⁻¹(−0.6), kakulétọ̀ yóò fún ọ ní 2.214. Fi t = 0 sí i, wàá rí −3 gẹ́lẹ́. Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é, ó sì máa ń bọ́ sí i fún mi.

---

Ìyá Tíṣà, Ẹgbẹ́

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbbà, o bá a dé ìdajì ọ̀nà. Ipò òkúta ti tọ́ pẹ̀lú 2.214, ṣùgbọ́n o kò tíì bi í léèrè nípa ìyára rẹ̀. Ìyára ni v = −Aω sin(ωt + φ). Fi φ = 2.214 sí i ní t = 0, kí o wò ó: sáìnì yóò jẹ́ +0.8, ìyára yóò sì jẹ́ −40. Òkúta tìrẹ ń sọ̀kalẹ̀, nígbà tí èyí tí wọ́n fún ọmọ Ìyàrà ń gòkè. Ojú kan náà ni òkúta méjèèjì wà, àmọ́ ibi tí wọ́n dojú kọ kì í ṣe ọ̀kan. Bí ó ṣe bọ́ sí i fún ọ nígbà gbogbo, ó ní láti jẹ́ pé àwọn ìbéèrè tí o ti ń bá pàdé jẹ́ irú èyí tí a fa òkúta tí a sì jọ̀wọ́ rẹ̀ láìtì í, tàbí èyí tí òkúta ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí aago bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìyàrà, ohun tí o bi tánjẹ́ǹtì ni ó dá ọ lóhùn. O kọ tan φ = −v₀/(ωx₀), o sì rí −40 lórí −30. Àmì ìyọkúrò tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ pa ara wọn rẹ́, 4/3 nìkan ni ó kù. Láti ibẹ̀ lọ, kakulétọ̀ kò lè mọ̀ mọ́ bóyá 4 lórí 3 ni o mú wá ni tàbí −4 lórí −3. Ó mú igun tí ó sún mọ́ òdo, ó fún ọ ní 0.927. Wo ohun tí 0.927 wí dáadáa: ó gbé òkúta sí +3, ó sì fún un ní ìyára −40. Ipò yí padà, ìyára náà yí padà, iye méjèèjì kò sì yẹ̀ nínú ohunkóhun àfi àmì. Ibi tí o ti lè mọ àṣìṣe yìí nìyí lọ́jọ́ mìíràn. Bí àmì méjèèjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì òbìrìkìtì gẹ́lẹ́ ni o fi ṣìnà, ìyẹn π. Bí ó bá jẹ́ ìyára nìkan ni ó yí padà, kósáìnì ni o fọkàn tán jù, bí ti Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, nítorí mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ àmì yìí kì í wọ ọmọ lórí títí tí yóò fi fojú rí i. Mo máa ń da kẹ̀kẹ́ kan dé sí àgbàlá ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, nígbà tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀, mo sì máa ń so àkísà pupa kékeré mọ́ etí wíìlì ẹ̀yìn. N ó gbé kẹ̀kẹ́ náà kí etí wíìlì kọjú sí oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí òjìji wíìlì lára ògiri yóò tínrín bí ọ̀pá tí a fi ẹ̀yìn tì. Bí a bá wá ń yí pẹ́dà ní ìwọ̀nba kan náà, òjìji àkísà yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀kalẹ̀ lára ọ̀pá náà. Yóò rọra yípo ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, yóò sì fi eré kọjá láàárín. Bí òkúta orí sípíríǹgì ṣe ń rìn gan-an nìyẹn. A ni ìwọ̀n láti àárín wíìlì dé ibi àkísà, ω ni bí wíìlì ṣe ń yára yí sí, φ sì ni ibi tí àkísà wà lára wíìlì nígbà tí a tẹ aago, bí a bá kà á láti òkè ní ọ̀nà tí wíìlì ń yí gbà.

Nígbà náà ni mo máa ń dá wíìlì dúró tí òjìji àkísà bá wà nísàlẹ̀ àárín díẹ̀, mo sì máa ń ní kí àwọn ọmọ wo ògiri nìkan kí wọ́n sọ ibi tí àkísà wà. Wọn kò lè sọ ọ́. Ó lè wà níwájú wíìlì, ó sì lè wà lẹ́yìn, òjìji kan náà ni yóò mú wá. Bí ó bá wà ní ìhà kan, yóò gòkè bí wíìlì bá tún yí. Bí ó bá wà ní ìhà kejì, yóò sọ̀kalẹ̀. Nítorí èyí ni ipò nìkan kò fi tó láti mọ φ. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ìyára kún un.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé n kì í fi ọ̀kan pín èkejì kí n tó wo àmì wọn. Mo máa ń kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: A cos φ = x₀, èyí tí ó jẹ́ −3, àti A sin φ = −v₀/ω, èyí tí ó jẹ́ −4. Méjèèjì jẹ́ òdì, igun náà sì ní láti wà ní ìdá kẹta nígbà tí a bá pín òbìrìkìtì sí mẹ́rin. Mo fi 180 kún 53.13, mo rí 233.13 dìgírì, ìyẹn 4.07 ní rédíánì. Bí o bá yọ odidi òbìrìkìtì kan kúrò, −2.21 ni. Ohun kan náà ni 4.07 àti −2.21, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ jà lórí èyí. Bí kakulétọ̀ rẹ bá ní Pol( lára, tẹ Pol(−3, −4), yóò fún ọ ní 5 àti −126.87 dìgírì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, A àti φ papọ̀, nítorí ó gba nọ́ńbà méjèèjì pẹ̀lú àmì wọn.

Mo fẹ́ràn −2.21 ju 4.07 lọ, nítorí a lè kà á bí àkókò. Òkúta máa ń dé òkè pátápátá nígbà tí ohun tó wà nínú kósáìnì bá di òdo, ìyẹn nígbà tí 10t = 2.21. Ó kù ìdá 0.22 ìṣẹ́jú àáyá kí ó dé òkè. Wàyí o, fífì kan ní àlọ àti àbọ̀ ń gba 0.628 ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà láti ìsàlẹ̀ pátápátá dé òkè pátápátá jẹ́ 0.314. Òkúta tìrẹ ti kúrò nísàlẹ̀, ó ti ń gòkè bọ̀, 0.22 bọ́gbọ́n mu. Bí a bá mú 2.214 ti Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbbà, yóò gba 0.407 kí ó tó dé òkè, èyí sì gùn ju gbogbo ìrìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè lọ. Òkúta tí ó ti ń gòkè kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

---

Bàbá Kajú, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. N kò lọ síwájú nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sípíríǹgì yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Kajú ni mo ń tà, òṣùwọ̀n tí a ń so kọ́ sórí ẹ̀ka igi ni a sì ń lò. Bí wọ́n bá so àpò mọ́ ìkọ́ tí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ á sáré lọ jìnnà, á padà, á tún lọ. Lọ́dún tó kọjá, ẹni kan tó wá rajà ka àpò mi nígbà tí abẹ́rẹ́ wà nínú ìpadàbọ̀, ó ní kílò 14 ni. Ilé ni mo ti wọ̀n ọ́n, kílò 20 ni. Ibo ló tọ́ kí a ti kà á nígbà tó ṣì ń jó? Ṣé féèsì tí ẹ ń wí yìí ló ń jẹ́ kó parọ́?

---

Ìyá Tíṣà, Ẹgbẹ́

Bàbá, ẹ kú ìnáwó ara. Ìbéèrè yín yàtọ̀ sí ti ọmọ wa, àmọ́ ó sún mọ́ ọn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àárín gbùngbùn ibi méjì tí abẹ́rẹ́ ti ń yípo padà ni ìwọ̀n tòótọ́ wà. Fífà tí ilẹ̀ ń fa àpò sísàlẹ̀ kì í yí bí ó ṣe ń jó padà. Ohun tí fífà náà ń ṣe kò ju pé ó ń sún ibi ìsinmi wá sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni àpò yóò máa jó yí ibi tuntun yẹn ká, bákan náà lókè, bákan náà nísàlẹ̀. Bí jíjó náà bá ń kéré sí i, àárín rẹ̀ kì í kúrò lójú kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpò kílò 20 yín ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá so ó mọ́ ìkọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí òdo, tí wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, abẹ́rẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, yóò kọjá 20 pẹ̀lú eré, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 40 kí ó tó padà. Ìlọ́po méjì ni, ìyàtọ̀ díẹ̀ tí ìfọwọ́kan irin inú òṣùwọ̀n bá jẹ nínú rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ó pé. Ní èdè ọmọ Ìyàrà, òkè pátápátá ni àpò yín ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ìyára kankan nígbà náà, nítorí náà φ = 0. A rẹ̀ sì jẹ́ odidi ìwọ̀n tí àpò náà yóò fa sípíríǹgì. Ẹni tí ó kà á ní 14 kà á ní ojú ọ̀nà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò náà tí ẹ sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí ìkọ́ yóò fi gba gbogbo ìwúwo rẹ̀, A yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò kà láàárín ọ̀nà. Ẹ sì má ṣe jẹ́ kí wọ́n jọ̀wọ́ àpò kílò 30 lójijì sórí òṣùwọ̀n tí òpin rẹ̀ jẹ́ 50. Yóò fẹ́ dé 60, yóò gbá òpin irin, sípíríǹgì náà sì lè ti fà kọjá ibi tí ó ti lè padà bọ̀ sípò.

---

Oníná Ìsánlú

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, féèsì mẹ́ta ló wà lórí òpó, a sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè mú wáyà kan ṣoṣo kí ó sọ pé féèsì rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí. Àárín ọ̀kan sí èkejì ni ọ̀rọ̀ wà, 120 dìgírì. Iná tiwa ń fì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọ̀kan sì ń tẹ̀lé èkejì pẹ̀lú ìdá mẹ́ta fífì kan. Báwo wá ni òkúta ẹyọ kan ṣe lè ní féèsì? Kí ni wọ́n ń fi í wé?

---

Ìyá Tíṣà, Ẹgbẹ́

Aago ni wọ́n ń fi í wé. Ìbéèrè rẹ tọ́, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tí ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ yìí bi ara rẹ̀. φ kì í ṣe ohun ìní òkúta. Agbára sípíríǹgì àti ìwúwo òkúta ni ó ń pinnu ω, kò sí bí ìwọ ṣe lè yí i padà nípa títì í. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ìyàrà bá dúró fún ìdá 0.22 ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó tẹ aago, òkúta yóò wà ní òkè pátápátá, φ yóò sì di òdo, bẹ́ẹ̀ òkúta yẹn náà ni, fífì yẹn náà ni. A kò yí padà, ω kò yí padà. Ohun tí ìwọ ń fi wáyà kejì ṣe ni òun ń fi aago ṣe.

---

Ọmọ Ìyàrà

Màmá, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́. Mo tẹ Pol( náà, mo rí 5 àti −126.87. Mo wá fi φ = −2.21 ṣe tábìlì, t = 0, 0.1, 0.2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo iye x tí mo rí jẹ́ 4.99 tàbí 5.00. Òkúta náà kò rìn rárá.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbbà

Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, mo sì mọ̀ ọ́n. Wo òkè ojú kakulétọ̀ rẹ, wàá rí D kékeré kan níbẹ̀. Dìgírì ni o wà. O fún un ní −2.21 rédíánì, òun rò pé dìgírì méjì ni, kósáìnì dìgírì méjì kò sì jìnnà sí 1. Ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi dúró sórí 5. Yí i sí R kí o tún tẹ̀ ẹ́. Ní t = 0.1 ó yẹ kí o rí nǹkan bí +1.75.

Màmá, mo gbà pé mo ṣìnà lórí ti cos⁻¹. Mo padà lọ wo àwọn iṣẹ́ mi àtijọ́, òótọ́ ni pé òkúta tí a fà tí a sì jọ̀wọ́ ni ó pọ̀ nínú wọn. Mo wá gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà báyìí:

```
import math
x0, v0, w = -3, 40, 10
print(math.atan2(-v0/w, x0))
```

Ó fún mi ní −2.214. Àmọ́ nígbà tí mo kọ =ATAN2(-4,-3) nínú Excel, −2.498 ni mo rí. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

---

Ayàwòrán Mọpà

Ẹ̀gbọ́n, kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, ètò ohun tí a kọ sínú àkámọ́ ni kì í ṣe bákan náà. Python ń fẹ́ ti sáìnì ṣáájú, Excel ń fẹ́ ti kósáìnì ṣáájú. Ẹ kọ =ATAN2(-3,-4), yóò padà sí −2.214.

Èmi ti ṣe ohun tí ọmọ Ìyàrà ń fi ìwé ṣe yìí ní ojúkojú. Mo so òkúta ìdajì kílò kọ́ sórí sípíríǹgì lẹ́bàá fèrèsé, mo gbé rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Nígbà tí òkúta sinmi, ó ti fa sípíríǹgì ní sẹ̀ǹtímítà 9.8, èyí tí ó bá 50 N/m mu. Ohun méjì ni ó dí mi lọ́wọ́.

Èkíní ni φ. Fídíò fóònù mi ń ya àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo mú àwòrán kan, mo pè é ní t = 0, mo ṣírò φ. Nígbà tí mo sún un síwájú pẹ̀lú àwòrán ẹyọ kan péré, φ yí padà ní 0.33 rédíánì, ìyẹn nǹkan bí 19 dìgírì. Bí mo bá wá tẹ aago pẹ̀lú ọwọ́, a kì í tilẹ̀ í sọ ọ́.

Èkejì ni pé mo ka fífì 20, aago mi sọ 13.0 ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí ó jẹ́ 12.57. Mo tún un ṣe nígbà mẹ́ta, kò lọ sílẹ̀.

---

Ìyá Tíṣà, Ẹgbẹ́

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí púpọ̀. Lórí φ, má ṣe gbé e lé àwòrán kan ṣoṣo. Sì má ṣe wá àwòrán tí òkúta wà ní òkè pátápátá, nítorí níbẹ̀ ni ó ti ń rọra yípo. Àwòrán mẹ́ta tí ó tẹ̀lé ara wọn lè jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí o kò ní mọ èyí tí ó ga jù. Ibi ìsinmi ni kí o lò, níbi tí ó ti ń fi eré kọjá. Láàárín àwòrán kan sí èkejì níbẹ̀, òkúta tí A rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 yóò rìn ju sẹ̀ǹtímítà kan àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà o lè fi rúlà pín àárín àwòrán méjì kí o sì mọ ìgbà tí ó kọjá dáadáa. Ṣe é fún ìkọjá mẹ́wàá, kí o wá padà sẹ́yìn ka φ.

Lórí 13.0, sípíríǹgì rẹ fúnra rẹ̀ ní ìwúwo, òun náà sì ń jó. Orí rẹ̀ tí a so mọ́ òkè kò mira, ìdí rẹ̀ ń bá òkúta rìn pọ̀, nítorí náà a máa ń fi ìdá mẹ́ta ìwúwo sípíríǹgì kún ti òkúta. Wọ̀n ọ́n kí o sọ ohun tí o rí fún wa.

---

Ayàwòrán Mọpà

Màmá, mo wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ wúrà. Gíráàmù 60 ni. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 20, òkúta wá di gíráàmù 520. Mo ṣírò rẹ̀, fífì 20 di 12.82. Ó ti súnmọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dé 13.0.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ Kàbbà

Òkúta yẹn kì í ṣe ìdajì kílò gan-an, ohun tí mo rò nìyẹn. Òkúta òṣùwọ̀n ọjà ni àbí? Bí ó bá wúwo ju bí wọ́n ṣe kọ sí i lára, fífì á pẹ́.

---

Ìyá Tíṣà, Ẹgbẹ́

Ó dà bí ẹni pé ó rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ayàwòrán kò mọ 50 N/m láti ibòmíràn. Inú ìfàsílẹ̀ 9.8 ni ó ti rí i, pẹ̀lú òkúta yẹn náà. Bí òkúta bá wúwo ju bí a ṣe rò lọ, agbára sípíríǹgì náà ga ju bí a ṣe rò lọ ní ìwọ̀n kan náà, méjèèjì a sì gbé ara wọn kúrò. Ohun tí ó kù ni ω² = g/ìfàsílẹ̀. Ìwúwo òkúta kò sí níbẹ̀ mọ́, àfi níbi ìdá mẹ́ta sípíríǹgì tí a fi kún un. Ìfàsílẹ̀ ni n ó fura sí. Bí 9.8 bá jẹ́ 10.07 ní tòótọ́, ohun gbogbo yóò bá 13.0 mu, mílímítà mẹ́ta kò sì tó nǹkan lójú rúlà tí ó bá tẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan ṣì wà. Báwo ni o ṣe fà á sísàlẹ̀ tó kí o tó jọ̀wọ́ rẹ̀? Bí o bá fà á kọjá ìfàsílẹ̀ yẹn, sípíríǹgì yóò dẹ̀ nígbà tí òkúta bá dé òkè, òkúta yóò sì wà nínú afẹ́fẹ́ fún ìgbà díẹ̀ láìsí pé sípíríǹgì ń fà á. Ní ojú ibẹ̀, kì í ṣe kósáìnì mọ́.

---

Ayàwòrán Mọpà

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fà á ní 12, ìkọ́ fò, ó sì ń dún “kán” ní òkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀. Gbogbo 13.0 tí mo ń wí, 5 ni mo fà á.

Mo tún ìfàsílẹ̀ wọ̀n lálẹ́ òní, mo fi okùn tó ní òkúta kékeré nídìí rẹ̀ ṣe atọ́nà kí rúlà lè dúró ṣánṣán. Àárín 9.9 sí 10.0 ni mo ń rí, n kò lè dá a sí ibì kan nítorí ìkọ́ òkúta tẹ̀ díẹ̀. Bí mo bá mú 9.95, fífì 20 di 12.91. Ó kù 0.09, èyí tí ọwọ́ mi lórí aago lè jẹ.

---

Ìyá Tíṣà, Ẹgbẹ́

Ó lè jẹ́ ọwọ́ rẹ. Àmọ́ ìgbà mẹ́ta ni o sọ pé o ṣe é tí kò sì lọ sílẹ̀, ọwọ́ ẹni a sì máa yá nígbà mìíràn, a máa pẹ́ nígbà mìíràn. Ka fífì 50 láti inú fídíò, má ṣe lo aago ọwọ́. Wo orí igi fèrèsé tí o so ó mọ́ pẹ̀lú. Fi ìka kàn án nígbà tí òkúta bá ń jó, kí o sọ bóyá ó ń mì.

---

Ọmọ Ìyàrà

Mo yí i sí R, tábìlì ti dáhùn. Mo kọ x = 5 cos(10t − 2.214), mo rí −3 ní òdo, +1.75 ní 0.1, ó sì dé 5 ní 0.22 bí Màmá ṣe wí. Mo fi igun náà wo ìyára pẹ̀lú, +40 ni. Ẹ̀gbọ́n Mọpà, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ti ka fífì 50 náà, ẹ fi iye rẹ̀ síbí.

---

Ayàwòrán Mọpà

Igi fèrèsé náà ń mì lóòótọ́. Ìka mi gbọ́ ọ. N ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí abẹ́ òpó irin ilé omi lọ́la, n ó sì kà á láti ibẹ̀.